Iṣẹ́ 412 wà nínú mọ́ṣúárì wa: ṣé kí n tún wọn rán ni, àbí kí n dà wọ́n nù?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · Mọ́ńdè, 10:20 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo wà ní Rìǹgì Róòdù níbí. Àjọ la máa ń bá àwọn ọlọ́jà gbà, ní Bódìjà, Ọjà Ọba àti Gbági. Ẹni tó kọ kóòdù wa ti jápa. Èmi tí mo ń tọ́jú ìwé owó ni wọ́n ní kí n máa bá wọn fojú sí kọ̀ǹpútà títí wọn ó fi rí ẹlòmíì.

Àárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé Amazon SQS wa, níbi tí iṣẹ́ ti ń tò sórí ìlà kí ẹ̀rọ tó mú wọn ṣe. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ń jẹ́ `ajo-ise`, òfìfo ni. Èkejì ń jẹ́ `ajo-ise-dlq`, iṣẹ́ 412 ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹni tó lọ ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta tí kò já sí nǹkan kan, ibẹ̀ ló ń gbé e jù sí. Dead-letter queue, ìlà lẹ́tà òkú, ni `dlq` yẹn, àmọ́ mọ́ṣúárì lòun máa ń pè é. Ọ̀gá mi ní kí n palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́ kó tó di ọ̀sán. Bọ́tìnnì méjì ni mo rí: `Start DLQ redrive` àti `Purge`. Èwo ni kí n tẹ̀?

Ṣẹ́gun Ṣáléǹjì · 10:31

Tẹ redrive jàre. Ó máa dá gbogbo wọn padà sórí ìlà tí wọ́n ti wá, wọ́kà yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú iṣẹ́ lórí ìlà, á sì tún wọn ṣe. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sáwa náà ní Tọ́sìdeè. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ló dákú fún bíi wákàtí kan, gbogbo rìsíìtì wa bá ya lọ sí mọ́ṣúárì. Nígbà tí wọ́n jí, mo tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo ẹ̀ gbà. Purge ni kó o má fọwọ́ kàn o. Ìyẹn ò mọ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 10:44

Àbẹ̀kẹ́, má tíì tẹ ìkankan. Ti Purge, òótọ́ ni Ṣẹ́gun sọ. Ti redrive, ó lè jẹ́ òótọ́ fún àwọn kan nínú 412 yẹn, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì náà kì í yan ẹni. Gbogbo ẹ̀ ló ń kó, kò sí ibi tó o ti lè sọ fún un pé mú eléyìí, fi tọ̀hún sílẹ̀.

Kó o tó rò ó síwájú, wo aago ná. Ní abẹ́ ìlà òkú yẹn, wo ibi tí wọ́n kọ `Message retention period` sí. Kí ló wà níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 10:50

4 days ni wọ́n kọ, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 10:58

Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni SQS ń fúnni béèyàn ò bá yí i padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé lórí ìlà gbogboogbò irú tiyín, kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ wọ mọ́ṣúárì ló ti ń ka ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sórí ìlà àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ti Tọ́sìdeè bá wà nínú ẹ̀, tó sì jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló wọlé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni yóò pòórá. Kò ní kígbe, kò ní fi ìwé ìdágbére sílẹ̀. Èyí tó ṣáájú Tọ́sìdeè ti lọ ná. Nítorí náà, 412 kì í ṣe iye tó kú, iye tó ṣẹ́kù ni.

Fi èyí sáré sí i lẹ́nu báyìí, kó o fi URL ìlà òkú yẹn sípò `$DLQ`, ọjọ́ 14 ni ibi tó le dé mọ:

```
aws sqs set-queue-attributes --queue-url "$DLQ" \
  --attributes MessageRetentionPeriod=1209600
```

Ó máa mú àwọn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lè tó ìṣẹ́jú 15 kó tó ràn. Bó o bá ti ṣe é, ọ̀gá ẹ lè dúró.

Ìyá Ìbejì POS · 11:05

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Èmi ń ṣe POS ní iwájú ọjà Bódìjà. Oníbàárà mi ṣe tíránsífà ₦15,000 láti Fúráìdeè, wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ ẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé inú mọ́ṣúárì yìí náà ló wà ni? Báwo ni mo ṣe máa tẹ redrive?

Àkàndé Agbowó · 11:12

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ìlà tilé iṣẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ níbí, owó yín ò sí nínú ẹ̀. Ẹ ní kí oníbàárà yín lọ bá báǹkì tirẹ̀, kó mú `Session ID` tó wà lórí rìsíìtì tíránsífà náà dání. Nọ́ńbà gígùn yẹn ni wọ́n fi ń tọpa ẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun lówó ná.

Àbẹ̀kẹ́, RabbitMQ làwa ń lò níbi iṣẹ́ wa, ó sì dùn ju tiyín lọ. Gbogbo òkú ló ń gbé ìwé ẹ̀rí ikú dání. `x-death` ni wọ́n ń pè é, ó máa sọ ìlà tó ti kú, iye ìgbà àti ìdí ẹ̀. Ẹ lọ wá tiyín, ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 11:25

Àkàndé, ìwé ẹ̀rí ikú yẹn kéré lọ́rọ̀. Ohun tó máa kọ síbẹ̀ ni `rejected`, `expired`, `maxlen` tàbí `delivery_limit`. Ìyẹn ni pé ó máa sọ fún ẹ pé wọ́n lé e padà, kò ní sọ fún ẹ pé nọ́ńbà fóònù ló burú. SQS kò tilẹ̀ kọ ìdí kankan. Àfi kí kóòdù yín fúnra ẹ̀ ti kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó kùnà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo RabbitMQ, láti ẹ̀yà 4.0, irú ìlà tí wọ́n ń pè ní quorum ní òdiwọ̀n ìfiránṣẹ́ 20 láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Bí ẹ ò bá ya mọ́ṣúárì kankan sọ́tọ̀, tó bá ti kọjá 20, ó ti dànù nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́, ó yá. Ẹ̀dà ni ká kọ́kọ́ kó. Kàn ń ka àwọn òkú sínú fáìlì, má pa ìkankan rẹ́:

```
i=0
while true; do
  i=$((i+1))
  aws sqs receive-message --queue-url "$DLQ" \
    --max-number-of-messages 10 --wait-time-seconds 5 \
    --visibility-timeout 7200 --attribute-names All > oku-$i.json
  [ -s oku-$i.json ] || break
done
```

Mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń fúnni, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan. Bó bá parí, wá sọ fún wa.

Orí ìlà òkú nìkan ni kó o ti ṣe é o. Má lọ tẹ `Poll for messages` lórí `ajo-ise` láti wo ohun tó wà níbẹ̀. Wíwò yẹn náà wà nínú ìmú mẹ́ta tí wọ́n fún un. Èèyàn lè fi ojú lásán sọ iṣẹ́ tó yè dèrò mọ́ṣúárì.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 11:52

Ẹ̀GBỌ́N! Mo gbé! Mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí, mo padà lọ wo ojú ìwé náà, `Messages available` di 0! Gbogbo 412 ti lọ! Ẹsẹ̀ mi ò ràn mọ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 11:55

Jókòó. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, níbi tí wọ́n kọ `Messages in flight` sí.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 11:57

412. Hà. Ẹ ṣeun sà.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 12:01

A ti fi wọ́n pamọ́ fún wákàtí méjì, kí ìwọ má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Aago méjì kọjá, wọ́n á tún yọjú. Àṣìṣe mi ni pé mi ò kìlọ̀ fún ẹ.

Ní báyìí, yà wọ́n sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí nọ́ńbà kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín fún un. Mú u, fi wá inú àkọsílẹ̀ tí wọ́kà ń kọ, kó o wo ohun tó sọ kẹ́yìn nípa ẹ̀. Má lo `MessageId` ti SQS. Bí iṣẹ́ bá gba redrive kọjá, orúkọ tuntun ló ń gbà, ti àtijọ́ ò ní bá a mu mọ́.

Alàgbà Dùgbẹ̀ · 12:20

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ọmọ mi ló ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí. Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti jí orúkọ náà o. Lẹ́tà tí kò rí ẹni tó ni ín, tí kò sì sí àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, òun ni lẹ́tà òkú. Ẹnì kan pàtó ni wọ́n ń fún láṣẹ láti já a, torí kó lè rí ibi tó máa dá a padà sí. Kò sẹ́ni tó ń gbé e padà fún ìránṣẹ́ kan náà pé kó tún lọ gbìyànjú. Onílé tí kò sí nílé lánàá ni wọ́n ń padà lọ bá. Onílé tó ti kó lọ, kí lẹ fẹ́ padà lọ ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 2:35 ọ̀sán

Mo ti yà wọ́n tán. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni.

291 jẹ́ irú tí kóòdù ń pè ní `risiti`, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ fún ọlọ́jà pé owó rẹ̀ ti wọlé. Gbogbo wọn ló wá láti Tọ́sìdeè, láàrin 4:10 sí 5:00 ìrọ̀lẹ́. Bí Ṣẹ́gun ṣe wí gẹ́lẹ́ ni, àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ ò dáhùn.

83 náà jẹ́ `risiti`, àmọ́ wọ́n fọ́n ká lórí gbogbo ọjọ́. Nọ́ńbà fóònù ni ò dáa. Àwọn kan ní lẹ́tà O níbi tó yẹ kí òdo wà. Èyí tó pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8, nọ́ńbà mẹ́wàá péré ló sì ní.

38 tó kù ni mi ò lóye. `akopo` ni wọ́n, ìṣirò òpin oṣù, gbogbo wọn láti Sátidé. Nínú àkọsílẹ̀ wọ́kà, kò sí àṣìṣe kankan lára wọn. Ohun tí mo rí ni "ó bẹ̀rẹ̀", lẹ́yìn náà "ó parí". Iṣẹ́ tó parí, kí ló ń ṣe ní mọ́ṣúárì?

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 2:48

Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n kọ "ó bẹ̀rẹ̀" fún ẹyọ kan? Kí sì ni `akopo` ń ṣe gan-an?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 3:10

Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀gbọ́n. "Ó parí" náà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò kíyè sí i tẹ́lẹ̀.

`akopo` ni ó ń ka gbogbo ohun tí ọlọ́jà dá lóṣù, ó máa yọ owó alájọ, ìyẹn ìdáwó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n, ó máa kọ ọ́ sínú dátábéèsì, á wá ṣe ìwé tí a ń tẹ̀ fún un. Wọ́kà kò lọ kíá nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan tí mo wò gba ìṣẹ́jú àáyá 47.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 3:31

Àkúdàáyà ni wọ́n. Orúkọ wọn wà nínú ìwé òkú níbí, àmọ́ níbòmíì wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán, wọ́n ń rìn kiri.

Bó ṣe rí rèé. Nígbà tí wọ́kà bá mú iṣẹ́ lórí ìlà, SQS kì í pa á rẹ́. Ó kàn ń fi í pamọ́ fún àwọn wọ́kà yòókù fún àkókò kan, `Visibility timeout` ni wọ́n ń pè é, ìṣẹ́jú àáyá 30 ló sì jẹ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Wọ́kà ló gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́, kó sì pa á rẹ́ fúnra ẹ̀, kí 30 yẹn tó pé. Tiyín ń gba 47. Nígbà tó di 30, SQS rò pé wọ́kà àkọ́kọ́ ti kú sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé e fún èkejì. Àkọ́kọ́ ò kú o, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó parí ní 47 tó fẹ́ pa á rẹ́, ìwé àṣẹ ọwọ́ ẹ̀ ti di ti àtijọ́, torí wọ́n ti fún èkejì ní tuntun, iṣẹ́ náà bá dúró síbẹ̀. Ní 60, ẹlẹ́ẹ̀kẹta tún mú un. Ní 90, ìmú mẹ́ta ti pé, ó di mọ́ṣúárì.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún òdiwọ̀n náà, `maxReceiveCount`. Ìmú ló ń kà, kì í ka ìkùnà.

Lọ wo dátábéèsì ọlọ́jà kan nínú 38 yẹn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n yọ owó alájọ lọ́wọ́ ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 3:58

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ kí n tó wá síbí. Ìyá elélùbọ́ kan láti Bódìjà wá bá wa, ìwé ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló ń dá lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ₦60,000. Yọ ti alájọ, ₦58,000. Ìwé wa kọ ₦54,000. Ó ní ká wò ó. Èmi gan-an ni mo sọ fún un pé ó ní láti jẹ́ pé ọjọ́ méjì wà tí kò dá. Ó wò mí, ó ká ìwé ẹ̀, ó lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ẹ̀ báyìí. ₦2,000, ₦2,000, ₦2,000, lọ́jọ́ kan náà, láàrin ìṣẹ́jú méjì. Àwọn 37 yòókù náà, bákan náà. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì yẹn láàárọ̀ ńkọ́?

Ṣẹ́gun Ṣáléǹjì · 4:06

Wàá tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ó dáa, mo gba ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá gbé àkókò ìfarapamọ́ yẹn lọ sókè pátápátá nígbà náà. Wọ́n ní ó lè dé wákàtí 12. Gbé e sí 12, ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 4:19

Kò tán. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ tí wọ́kà kú lóòótọ́, wákàtí 12 ni iṣẹ́ náà máa fara pamọ́ kí ẹlòmíì tó rí i. Wo `akopo` tó pẹ́ jù, kó o fi àyè díẹ̀ kún un. Bí 47 ló pẹ́ jù tó o rí, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Bí iṣẹ́ kan bá ń gùn tí ẹnì kan ò mọ ibi tó máa gùn dé, kóòdù lè máa bá SQS tọrọ àkókò sí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, `ChangeMessageVisibility` ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó gba owó ọlọ́jà là ni pé kí dátábéèsì fúnra ẹ̀ má gba ìkejì wọlé. Ẹ fún ìṣirò oṣù kọ̀ọ̀kan ti ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí orúkọ náà jẹ́ `UNIQUE`, kí ẹ wá kọ ọ́ báyìí bó bá jẹ́ PostgreSQL:

```
INSERT INTO owo_alajo (akopo_id, oloja_id, iye)
VALUES ($1, $2, $3)
ON CONFLICT (akopo_id) DO NOTHING;
```

Nígbà náà, bí wọ́kà mẹ́wàá bá mú un, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò wọlé. Kí ìyẹn tó wà nílẹ̀, ẹ má redrive iṣẹ́ owó kankan.

Àwọn 38, ẹ pa wọ́n rẹ́ lórí ìlà òkú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ ní láti tún wọn kà kẹ́ ẹ tó rí ìwé àṣẹ tuntun tẹ́ ẹ máa fi pa wọ́n rẹ́. Ẹ pa àwọn 83 náà rẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti wà nínú fáìlì yín. Nígbà tó bá ku 291, redrive lè wá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ìjánu sí i kí àwọn alátẹ̀jíṣẹ́ má baà tún dá a padà:

```
aws sqs start-message-move-task --source-arn "$DLQ_ARN" \
  --max-number-of-messages-per-second 5
```

Àkàndé Agbowó · 4:30

Ti àwọn 83, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 rọrùn. Ẹnì kan ló kó orúkọ ọlọ́jà gba inú tábìlì kọ̀ǹpútà irú Excel kọjá, tábìlì náà bá jẹ òdo iwájú. Fi òdo sí i, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 4:37

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ńbà kan ló já bọ́ láàrin. Rìsíìtì owó ẹnìkan á wá lọ bá ẹni ẹlẹ́ni. Ní tèmi, àwọn tó ń lọ gba àjọ lọ́jà ni kẹ́ ẹ fún ní ìwé náà, kí wọ́n bi ọlọ́jà léèrè. Kóòdù ò mọ nọ́ńbà Ìyá Ríṣíkà.

Àkàndé Agbowó · 4:41

Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò lórí ìyẹn? Mo ṣì rò pé òdo ni.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 4:55

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí àwọn 291. Mo ka ohun tó wà nínú wọn. "Ẹ ti san ₦500 lónìí." Lónìí! Tọ́sìdeè ni. Bí mo bá rán an báyìí, ẹni tí kò tíì dá tòní á gbà pé òun ti dá a.

Ṣẹ́gun Ṣáléǹjì · 5:02

Rán an bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì tó pẹ́ sàn ju àìsí rìsíìtì.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 5:10

Èmi ò ní rán an bẹ́ẹ̀. `SentTimestamp` wà nínú fáìlì yín, ẹ mú ọjọ́ níbẹ̀, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọjà ni, kì í ṣe ti kóòdù, bi ọ̀gá ẹ.

Kí n má gbàgbé: ṣé kò sí ohun tó yẹ kó ké sí yín láti Tọ́sìdeè ni?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · Túsìdeè, 9:40 àárọ̀

Ó wà, ẹ̀gbọ́n, kò ké ni. Mo rí i lálẹ́ àná. `NumberOfMessagesSent` ló ń ṣọ́ lórí ìlà òkú náà.

Ẹ̀gbọ́n Sàńgo · 9:52

Kò lè ké láéláé. Ìyẹn kì í ka iṣẹ́ tí SQS fúnra ẹ̀ gbé wá nítorí ìkùnà, èyí téèyàn fọwọ́ rán síbẹ̀ nìkan ló ń kà. `ApproximateNumberOfMessagesVisible` ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, kó ké bó bá ti ju òdo lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá · 1:15 ọ̀sán

Mo ti yí i. Àwọn 38 ti kúrò níbẹ̀, orúkọ wọn wà lọ́wọ́ mi, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà. Èmi fúnra mi ni mo gbé ₦4,000 lọ fún ìyá elélùbọ́ lọ́jà láàárọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú mi.

Ọ̀gá mi kò tíì sọ ohun tí a ó ṣe sí rìsíìtì Tọ́sìdeè. Àwọn tó ń gba àjọ ti bá mi rí 52 nínú nọ́ńbà 83 náà, 49 ni òdo nìkan ló kù fún lóòótọ́. Àkàndé, má tíì yọ̀, àwọn mẹ́ta yòókù kì í ṣe òdo.